Ata Kì í Sùn Lọ́jà

Owó tí a kà sórí ìwé kò tíì di owó tí a rí lápò. Ọ̀rọ̀ yìí ni ẹgbẹ́ ọlọ́jà kan ní Orẹ́gùn fi ara mọ̀, lẹ́bàá ọ̀nà tí a ń pè ní Ọ̀nà Orẹ́gùn kí a tó fi orúkọ Kúdíràtù Abíọ́lá pè é.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ní wákàtí tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó yà sọ́tọ̀ fún ìmọ́tótó ọjà, àwọn ọlọ́jà náà pé jọ síwájú ilé ìkẹ́rùsí wọn. Ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀ràn tó kó wọn jọ ni pé àwọn ọdẹ mẹ́ta tí ń ṣọ́ ọjà lóru ní bí owó tí a jẹ wọ́n kò bá jáde, àwọn yóò gbé tọ́ọ̀ṣì àwọn, àwọn yóò sì máa lọ.

Ìyálọ́jà ní kí akápò ṣí ìwé. Akápò kà á bí ó ti wà. Ìsọ̀ ọgọ́fà ló wà lọ́jà. Ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ń san ₦200 lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lóṣù, ó jẹ́ ₦624,000. Àwọn ọdẹ ń gba ₦240,000. Owó akólẹ̀ àti ti àwọn agbálẹ̀ méjì jẹ́ ₦200,000. Owó ilé ìkẹ́rùsí àti ti ẹni tí ń ṣọ́ ọ jẹ́ ₦160,000. Àpapọ̀ ìnáwó jẹ́ ₦600,000. Gẹ́gẹ́ bí ìwé ti wí, ó yẹ kí ₦24,000 ṣẹ́kù.

“Níbo wá ni owó ọdẹ wọlé sí?” Báyìí ni ẹnì kan béèrè, tí ojú gbogbo ènìyàn sì yí sí akápò.

Akápò kò bínú. Ó kó ìwé tíkẹ́ẹ̀tì jáde, ó ní kí wọ́n ka apá tó ṣẹ́kù lára wọn. Nígbà tí wọ́n kà á tán, wọ́n rí i pé ìsọ̀ tí ń san owó lójúmọ́ kò ju àádọ́rùn-ún lọ. ₦468,000 péré ni ó ń wọlé. Àìtó ₦132,000 ni wọ́n ti ń gbé láti oṣù dé oṣù.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí àìtó náà ń wọ̀ sí. Bí a kò bá san owó akólẹ̀, ìdọ̀tí yóò ga, ìjọba a sì lè ti ọjà pa. Bí a kò bá san owó ilé ìkẹ́rùsí, onílé yóò fi àgádágodo sí i. Ọdẹ nìkan ni kò ní ilẹ̀kùn tí yóò tì. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo àìtó ń sùn. Àpò kan ṣoṣo tí a kó ẹrù mẹ́ta sí ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tètè rí i.

Ìyálọ́jà bi àwọn tí kì í san owó léèrè ìdí. Ìyá aláta kan dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, Ìyálọ́jà. Ata tèmi kì í sùn lọ́jà. Kí ni mo ń san owó yàrá iṣu àti àlùbọ́sà fún?”

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó tú okùn. Wọ́n yọ ilé ìkẹ́rùsí kúrò nínú owó ojúmọ́. Ẹni tó bá gbé àpò sùn níbẹ̀ yóò máa san ₦100 lórí àpò kan lálẹ́ kan. Nǹkan bí àpò márùndínláàádọ́rin ni ó ń sùn níbẹ̀ lálaalẹ́. Èyí mú ₦169,000 wá lóṣù: ó tó owó yàrá náà, ₦9,000 sì kù fún òrùlé tí ń jò. Owó ojúmọ́ dúró sí ₦200, ṣùgbọ́n ti ọdẹ àti ti ìmọ́tótó nìkan ni, ₦440,000. Àádọ́rùn-ún ìsọ̀ ni wọ́n fi ṣírò, kì í ṣe ọgọ́fà. Ó ku ₦28,000, wọn kò sì fi kún owó ẹnikẹ́ni. Wọ́n tún pinnu pé owó ọdẹ ni a óò kọ́kọ́ yọ ní gbogbo Sátidé.

Èyí kò sọ pé ìṣòro tán. Lásìkò òjò, bí ìsọ̀ tí ń san bá wálẹ̀ sí márùndínlọ́gọ́rin, ₦390,000 ni yóò wọlé. Àìtó ₦50,000 yóò sì jẹ àṣẹ́kù bí oṣù méjì. Nítorí náà, wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àṣẹ́kù náà fún ayẹyẹ.

Ní ti olè inú ilé, ìyá méjì ni wọ́n yàn láti máa rìn yí ọjà ká lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, kí wọ́n ka ìsọ̀ tó ṣí, kí wọ́n sì fi wé tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà. Bí ìsọ̀ mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún bá ṣí, tí tíkẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ àádọ́rùn-ún, ẹni tí ń gba owó gbọ́dọ̀ dárúkọ ìsọ̀ méje tí kò san. Bí kò bá lè dárúkọ wọn, a mọ ibi tí ₦1,400 wà.

Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, ọjà ṣí. Ìyá aláta náà san ₦200 rẹ̀, ó gba tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì fi í há etí apẹ̀rẹ̀ ata.