Sitáàjì Ọdún Kẹta: Ìwé Tí Ó Ń Ṣáájú Iṣẹ́

Ètò tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò ń tẹ̀ lé lónìí pín lísáńsì sí ìdajì ọdún ẹ̀kọ́ mẹ́fà. Ìdajì ọdún kọ̀ọ̀kan ní kírédì 30, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 180. Nínú lísáńsì tí a fi ń kọ́ iṣẹ́, apá kan nínú kírédì ti ìdajì ọdún kẹfà kò sí nínú yàrá ìkàwé rárá. Ibi iṣẹ́ ni ó wà, nínú ohun tí gbogbo wa ń pè ní sitáàjì. Ọmọ tí ó yege nínú gbogbo ìdánwò tí kò sì ṣe sitáàjì kò tíì ní 180, ẹni tí kò bá sì ní 180 kò tíì ní lísáńsì.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní agbègbè Kétu ni a ti ń kọ́ni. Àwọn ọmọ tí a ti kọ́ rí máa ń padà wá kí wa nígbà tí wọ́n bá dé ọdún kẹta, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó sì máa ń wà lẹ́nu wọn: “Mùsíè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá ibi tí a ó ti ṣe sitáàjì.” Ohun tí a ti kíyè sí láti ìgbà tí wọ́n ti ń béèrè ni pé wíwá ibi kì í ṣe apá tí ó le jù. Ilé iṣẹ́ lè sọ pé kí ọmọ máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, kí ilé-ẹ̀kọ́ sì sọ pé àwọn kò mọ ibẹ̀. Ìyọ̀ǹda méjì ni ọmọ ń wá, ọ̀tọ̀ sì ni ohun tí ẹni kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń wò. Ilé iṣẹ́ ń wò bóyá ọmọ náà yóò wúlò tàbí yóò dí wọn lọ́wọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ń wò bóyá ẹnìkan wà níbẹ̀ tí ó lè kọ́ ọmọ náà, tí ó sì lè fọwọ́ sí ìwé lórí ohun tí ọmọ náà ṣe. (Tiwa nígbà náà rọrùn, nítorí kọ́lẹ́ẹ̀jì ni a ti ṣe é: a jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó gbé ẹfun lé wa lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tí ó béèrè bóyá kọ́lẹ́ẹ̀jì jẹ́ ilé iṣẹ́ gidi.)

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa yìí, ọmọbìnrin kan tí ó ń kọ́ nípa sísọ irè oko di oúnjẹ, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ́ wa ní púpọ̀. Oṣù mẹ́ta ni ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ bù fún sitáàjì. Ó kọ́kọ́ gbé lẹ́tà lọ sí ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Kútọ̀nu, ó fi í fún ẹni tí ó bá ní ẹnu ọ̀nà, ó sì padà wálé láti máa retí. Ó retí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Nígbà tí ó padà lọ, wọ́n ní àwọn kò rí lẹ́tà kankan, kò sì ní ohunkóhun lọ́wọ́ tí yóò fi hàn pé òun mú un wá.

Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń sọ fún wọn nísinsìnyí. Ẹ̀dà méjì ni kí a máa gbé lẹ́tà lọ, ọ̀dọ̀ akọ̀wé tí ó ń gba ìwé wọlé ni kí a sì gbé e dé. Yóò mú ẹ̀dà kan, yóò lu òǹtẹ̀ sí ara ẹ̀dà kejì, yóò kọ ọjọ́ sí i, yóò sì kọ nọ́ńbà tí ó fi forúkọ lẹ́tà náà sínú ìwé ńlá rẹ̀. Ẹ̀dà kejì yìí ni ọmọ ń mú padà lọ sílé. Bí ọjọ́ mẹ́wàá bá kọjá tí kò sí èsì, nọ́ńbà yẹn ni yóò fi béèrè, kò ní í ṣe orúkọ rẹ̀. Akọ̀wé kò lè rántí ojú gbogbo ọmọ tí ó wá, ṣùgbọ́n bí a bá pe nọ́ńbà, ìwé ni yóò ṣí, yóò sì sọ tábìlì ẹni tí lẹ́tà náà wà. Ọ̀dọ̀ ẹni náà ni a ó kàn lọ.

Lẹ́tà náà fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá ojú ewé kan. Ohun tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ ń wá nínú rẹ̀ kò pọ̀: ta ni ọmọ yìí, ilé-ẹ̀kọ́ wo, kí ni ó ń kọ́, láti ọjọ́ wo sí ọjọ́ wo, ẹ̀ka wo ni ó fẹ́ wà, kí ni ó sì fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí a ti rí kún fún ọ̀wọ̀ àti ẹ̀bẹ̀, kò sì sí ọjọ́ nínú wọn. Lẹ́tà tí kò ní ọjọ́ ṣòro láti dáhùn, nítorí ọ̀gá kò mọ̀ bóyá àyè yóò wà nígbà náà. Ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ń ṣe ẹlẹ́rìí pé ọmọ àwọn ni lóòótọ́ ni a ń so mọ́ ọn lẹ́yìn.

Nígbà tí Kútọ̀nu kò bọ́ sí i, ọmọ wa ronú kan ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn obìnrin tí wọ́n ń yan gààrí ní abúlé ìyá rẹ̀. Ìrònú tí ó dára ni, lójú tiwa, nítorí ní ilé iṣẹ́ ńlá, ìwé ni wọn ìbá fún un láti máa tò. Àwọn ìyá náà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ni kò gbà. Ìdí méjì ni wọ́n sọ: wọn kò rí i pé ẹgbẹ́ náà wà lábẹ́ òfin, kò sì sí ẹni tí ó ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà níbẹ̀ tí yóò jẹ́ ọ̀gá ìkọ́ṣẹ́ fún un.

Inú bí ọmọ náà. Ó ní obìnrin tí ó ti ń yan gààrí fún ọgbọ̀n ọdún mọ iṣẹ́ ju olùkọ́ èyíkéyìí lọ. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdí kejì ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ẹ̀gàn: ọ̀gá ìkọ́ṣẹ́ ni yóò kà ìwé ìjábọ̀ ọmọ, tí yóò fún un ní máàkì lórí ìwé ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́, tí yóò sì fọwọ́ sí i. Ìyá tí kò ka èdè Faransé kò lè ṣe ìyẹn, bí ó ti wù kí ó mọ iná mọ́ agbada tó.

Ìdí àkọ́kọ́ ni ó kọ́kọ́ yanjú. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò, òfin kan náà ni ó ń darí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n pa òfin òwò wọn pọ̀ fọwọ́ sí ní Lòmé ní ọdún 2010. Òfin náà ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìlànà, kí ó sì forúkọ sílẹ̀ nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Ọmọ náà béèrè, ó sì rí i pé àwọn ìyá náà ti forúkọ sílẹ̀ tipẹ́. Inú àpótí aṣọ olórí ẹgbẹ́ ni ìwé náà wà, pẹ̀lú òǹtẹ̀ tí wọn kì í sábà lò. Ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó sì fi í mọ́ ìwé rẹ̀. Ní ti ìdí kejì, òṣìṣẹ́ ìjọba kan wà tí ó máa ń wá bẹ ẹgbẹ́ náà wò nítorí iṣẹ́ àgbẹ̀, ó sì ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà. Ọ̀gá rẹ̀ fún un láyè láti jẹ́ ọ̀gá ìkọ́ṣẹ́, olórí ẹgbẹ́ sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó gba ọmọ sílé. Pẹ̀lú ètò yìí, ilé-ẹ̀kọ́ gbà.

Àkòrí ni ó kù. Ó ti kọ ọ́ pé òun fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí “ìlọsíwájú ẹ̀gẹ́ ní Kétu”. Olùkọ́ alábòójútó rẹ̀ fa ilà pupa sí i. Ẹnìkan kò lè mọ ìlọsíwájú ẹ̀gẹ́ ní gbogbo Kétu láàárín oṣù mẹ́ta. Àkòrí tí ó dára ni èyí tí ọmọ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n níbi tí ó wà. Ó yí i padà sí iye ìwọ̀n tí ó ń dínkù ní ìpele kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ gààrí nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo: lẹ́yìn bíbó, lẹ́yìn rírin, lẹ́yìn fífún omi, lẹ́yìn sísẹ́ àti lẹ́yìn yíyan. Òṣùwọ̀n kan àti ìwé kan ni ó nílò. Nínú ẹ̀gẹ́ 200 kílò tí ó kọ́kọ́ wọ̀n, 148 ni ó kù lẹ́yìn bíbó, gààrí tí ó jáde níkẹyìn sì jẹ́ 42. Àwọn ìyá náà fúnra wọn kò mọ̀ pé èèpo ń kó tó ìdá mẹ́rin ẹ̀gẹ́ wọn lọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá ọ̀bẹ ni tàbí ọwọ́ ẹni tí ń bó o.

Ìwé àdéhùn yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ẹ̀dà mẹ́ta ni: ọ̀kan fún ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀kan fún ibi iṣẹ́, ọ̀kan fún ọmọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò fọwọ́ sí i, gbogbo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ parí kí ọjọ́ àkọ́kọ́ iṣẹ́ tó pé. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ná, wọ́n á ní ìwé ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́ bá gé ọmọ náà lọ́wọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sí ìwé tí ó sọ ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ àti ibi iṣẹ́ yóò sì máa ti ọ̀rọ̀ náà sí ara wọn. Bákan náà, ilé-ẹ̀kọ́ lè má ka ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ìfọwọ́sí mọ́ oṣù mẹ́ta náà.

Ọmọ wa ń kọ ohun tí ó ṣe lójoojúmọ́ sínú ìwé kan, ọ̀gá ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ sì ń fọwọ́ sí i ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì tí ó bá wá. Kò gba owó kankan, bí ó ti máa ń rí fún ọ̀pọ̀ wọn. Owó zẹ̀mí láti ilé títí dé abúlé ni ìnáwó rẹ̀ tí ó pọ̀ jù. Àwọn ìyá náà ń fún un ní gààrí lópin ọ̀sẹ̀, a sì jẹ nínú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá ni a rán an létí pé kí ó ti kọ ìwé ẹ̀rí ìparí sitáàjì sílẹ̀, kí ó gbé e fún olórí ẹgbẹ́ láti fọwọ́ sí, kí ó má dúró de ọjọ́ tí yóò lọ, torí pé ọ̀gá lè rìnrìn àjò ní ọjọ́ náà gan-an. Ọjọ́ tí ó wà nínú ìwé ẹ̀rí gbọ́dọ̀ bá èyí tí ó wà nínú ìwé àdéhùn mu. Ó fi méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí tábìlì wa, ó sì rí i pé wọ́n ti kọ oṣù tí ó bẹ̀rẹ̀ sí òdì. Ó gun zẹ̀mí padà lọ sí abúlé ní ọ̀sán ọjọ́ náà kí wọ́n lè tún un kọ, kí olórí ẹgbẹ́ sì tún lu òǹtẹ̀ rẹ̀.