Ta ló yí gbèdéke padà?

Ní sáà tó kọjá, àwa mẹ́fà la jọ ń kọ ohùn àwọn àgbà tí a gbà sílẹ̀ sínú ìwé fún iṣẹ́ àpapọ̀ kan. Orí Jira la ti pín iṣẹ́ náà. Nígbà tí máàkì jáde, wọ́n ti yọ máàkì márùn-ún lára ti ọ̀rẹ́ mi kan, wọ́n ní ó pẹ́. Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù Kẹta 2025, ló fi tirẹ̀ sílẹ̀, 12 sì ni gbèdéke tó wà lójú Jira. Ó búra pé 17 lòun rí. Àwọn kan ní irọ́ ló ń pa.

Mo ní ká yéé jiyàn, ká lọ wo àkọsílẹ̀. Ṣí iṣẹ́ náà, lọ sísàlẹ̀ sí `Activity`, kí o tẹ `History`. Ìlà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ń sọ ẹni tó yí nǹkan padà, ìgbà tó yí i, ohun tó wà tẹ́lẹ̀ àti ohun tó dì. Ìlà kan ṣoṣo ló kan `Due date`: láti 17 sí 12, ní ọjọ́ 13, aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú méje. Ìyẹn ni pé gbèdéke náà ti kọjá kí wọ́n tó fi í síbẹ̀! Ẹ kíyè sí i pé ọjọ́ tí a bá fi sí iṣẹ́ nígbà tí a ń dá a sílẹ̀ kì í ní ìlà tirẹ̀. Inú ìyípadà àkọ́kọ́ la ti ń rí i, gẹ́gẹ́ bí ohun tó wà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, 17 ló wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ta wá ni? Orúkọ tó wà níbẹ̀ ni `Automation for Jira`. Ó rán mi létí «wọ́n» tiwa, bíi ká ní «wọ́n ti gbé àga lọ»: olùwà wà nínú gbólóhùn, síbẹ̀ a ò mọ ẹni tó gbé e. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró sí, wọ́n á ní ẹ̀rọ ló ṣe é. Ṣùgbọ́n òfin inú Jira kì í dìde fúnra rẹ̀, nǹkan ló ń ta á jí. A ṣí iṣẹ́ ìyá tí tiwa wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú kan náà, wọ́n yí ọjọ́ tirẹ̀ láti 17 sí 12, orúkọ olórí ẹgbẹ́ wa ló sì wà níbẹ̀. Òfin kan ló da ọjọ́ náà kọ sórí iṣẹ́ àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àwa yòókù ti fi tiwa sílẹ̀ ṣáájú 12, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi fura.

Pé ìṣẹ́jú méjì bára mu kò tíì jẹ́ ẹ̀rí tó pé. `Audit log` òfin náà ni ìbá sọ ọ́ ní tààrà, ṣùgbọ́n alábòójútó nìkan ló lè ṣí i, a kò sì sí lára wọn. A bi olórí ẹgbẹ́ léèrè. «Ẹ má bínú,» ó ní, «ọjọ́ ìpàdé tèmi ni mo fẹ́ kọ síbẹ̀. N ò mọ̀ pé yóò kan tiyín.»

A ya àwòrán ojú-ìwé méjèèjì, ó fọwọ́ sí i, a sì fi í ránṣẹ́ sí olùkọ́ wa. Máàkì márùn-ún náà padà lọ́jọ́ kejì.