Bí mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ àpò kòkó mẹ́fà ti òkú

Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀.

Àwọn ẹbí kan ní Ìlú-Àbò fẹ́ pín owó ilé ìkẹ́rù kòkó tí àwọn bàbá wọn jọ kọ́. Iye àpò tí bàbá kọ̀ọ̀kan kó wá nígbà náà ni wọ́n fẹ́ fi pín in. Ìwé àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹbí kan ní Oǹdó, wọn ò sì ní jẹ́ kó kúrò nílé. Ẹnìkan wá fi fóònù yà á lálẹ́ ọjọ́ tí kò síná. Fọ́tò ṣú bàìbàì. Wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, torí "ọmọ yìí mọ fóònù".

Ìlà 316 ló wà níbẹ̀. Orúkọ, ọdún, iye àpò: ihò 948 lápapọ̀. Ojú ewé àkọ́kọ́, mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ lọ ni. Èyí tí n kò rí dáadáa, mo mú èyí tó wù mí. Nígbà tí mo ro àpò ojú ewé náà pọ̀, 237 ni mo rí. Akọ̀wé kọ 243 sísàlẹ̀. Àpò mẹ́fà ti wọlẹ̀ lọ! Mo padà lọ wò ó: nọ́ńbà kan wà tí mo pè ní 11 tó lè jẹ́ 17. Ọmọ ẹni yẹn ṣì wà láàyè o.

Mo wá yí ọwọ́ padà. Níbi tí ojú mi ò ti dá mi lójú, mo fi àmì sí lẹ́tà yẹn gan-an, kì í ṣe sí gbogbo orúkọ. Báyìí:

```
Ojo  | 1958 | 1[1|7]
Ad[e|u]ke | 195[?] | 24
```

Ohun méjì tó lè jẹ́ ni mo fi sínú àkámọ́. Bí n kò bá rí nǹkan kan rárá, `[?]`. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á mọ ibi tó yẹ kójú òun lọ.

Àwọn tó ń ka òkúta àti ìwé àtijọ́ ti fohùn ṣọ̀kan ní Leiden lọ́dún 1931 pé àmì tó kéré ni kí wọ́n máa fi sábẹ́ lẹ́tà tí kò dájú. Ó dára fún Gíríìkì. Tiwa ńkọ́? Bí mo bá fi àmì sábẹ́ o, ó ti di ọ nìyẹn! Òjó ti di Ọjọ́. Kódà ẹ̀gbin kékeré lórí ìwé lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú fọ́tò, nítorí náà o àti ọ wà lára ohun tí mo ń fi àkámọ́ sí jù.

Láti kó àwọn ìlà oníyèméjì jọ, mo kọ èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn:

```
=ISNUMBER(FIND("[",A2&B2&C2))
```

Ìlà tó bá sọ `TRUE` nìkan ni mo tẹ̀ jáde. Ihò 71. Bàbá kan tó mọ ọwọ́ akọ̀wé yẹn dáadáa ló máa bá wa lọ sí Oǹdó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í gbà ju wákàtí méjì lọ. Tí mo bá gbé 948 síwájú rẹ̀, a ò ní dé ìdajì.

Ní ti 17 yẹn, ìṣirò ti sọ ọ́: ìlà tó kù jẹ́ 226, ó sì ku 17 kó tó pé 243. Síbẹ̀ mi ò yọ àmì rẹ̀. Akọ̀wé náà lè ṣi ìṣirò, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Bàbá kàn wo ìwé, ó ní, "Ọmọ mi, bó bá kọ 7, á fa ìlà la ikùn rẹ̀ kọjá. Wò ó níbí." 17 ni lóòótọ́.

Ibi tí ẹ̀rù ti bà mí ni àwọn tí n kò fàmì sí. Mo mú 50 nínú wọn láìyàn, mo ní kí Bàbá kà á sókè láti inú ìwé láì wo tèmi. Ó bá mi lọ títí, àfi ọ̀kan: 3 tí mo ti búra pé 3 ni, 8 ni. Yíǹkì ti ṣá lápá òsì. Ó dá mi lójú, mo sì ṣì í. Kò sí àkámọ́ tó lè mú irú ìyẹn, torí ẹni tó ṣì í kò mọ̀.

Mo padà sílé, mo fi `[3|8]` sí gbogbo 3 tí yíǹkì rẹ̀ ti ṣá. Wọ́n jẹ́ 22. A tún wọkọ̀ lọ sí Oǹdó ní Sátidé kejì (owó ọkọ̀ mi ni o, ẹ má bi mí). Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ 8.

Ihò mẹ́ta ni ikán ti jẹ. Bàbá náà ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Mo fi `[?]` sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì kó ìwé fún wọn. Ẹbí mẹ́ta tí ó kàn yóò jókòó sọ ọ́ láàárín ara wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.