Ààwẹ̀, ọ̀rá ikùn, àti ohun tó yẹ kó wà nínú abọ́ sààrì

Ẹ̀yin tèmi, ẹ wá ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Bí Ràmàdáànì bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, ìbéèrè kan náà ni gbogbo yín máa ń fi ránṣẹ́ sí mi: "Ṣé ààwẹ̀ yìí máa jẹ́ kí ikùn mi wọlẹ̀?" Ó lè wọlẹ̀ o. Àmọ́ ebi ọ̀sán nìkan kọ́ ló máa ṣe é. Ohun tẹ́ ẹ bá jẹ lálẹ́ àti ní sààrì ló máa pinnu bóyá ọ̀rá ló máa lọ lára yín àbí agbára.

Kí ẹnikẹ́ni tó bú mi: ti Ọlọ́run ni àníyàn ààwẹ̀. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ gbààwẹ̀ torí ikùn. Oúnjẹ òru tá a máa jẹ dandan ni mò ń sọ, bá a ṣe lè tò ó kó wúlò fún ara.

Màá fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣàlàyé, wọ́n ti gbà mí láyè. Odigbo ni wọ́n ń gbé, Ore níbí ni wọ́n ti ń ta aṣọ. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọ́n sì ti sọ fún wọn nílé ìwòsàn pé kí wọ́n dín ìwọ̀n ara wọn kù. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń retí kí Ràmàdáànì bá wọn ṣe é. Aṣọ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ á tóbi jù wọ́n lóòótọ́, àmọ́ kí oṣù méjì tó pé, gbogbo ẹ̀ á ti padà. Èyí tó wá ń dun èmi jù ni pé nínú ààwẹ̀ náà, wọn ò kì í lè gbé ìdì aṣọ tí wọ́n ti ń gbé tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé arúgbó ti dé ni?" Mo ní, "Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹran ara yín lẹ̀ ń jẹ."

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Inú ẹ̀dọ̀ àti inú iṣan, ìyẹn ẹran ara tá a fi ń gbé nǹkan, ni ara máa ń kó súgà pa mọ́ sí. Bí gíráàmù kan súgà yìí bá wọlé, omi bíi gíráàmù mẹ́ta máa bá a wọlé. Nígbà tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, súgà ọ̀hún á dín kù, omi á sì bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí òṣùwọ̀n fi máa ń wálẹ̀ wàràwàrà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ má tíì jó o. Omi nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá jẹ ìrẹsì ọdún fún ọjọ́ mẹ́ta péré, ó ti padà.

Lọ́dún 2014, àwọn olùwádìí kan kó ìwádìí 35 lórí ààwẹ̀ Ràmàdáànì àti ìwọ̀n ara jọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìwọ̀n tó ń lọ jẹ́ bíi kílò kan lé díẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀ sì máa ń padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi gan-an nìyẹn.

Nígbà tí Ràmàdáànì 2025 ń bọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 1 oṣù kẹta, a jókòó, a wo ohun tí wọ́n máa ń jẹ. Ìṣínu: dàbínù, ògì oníṣúgà, àkàrà, ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan. Lẹ́yìn àṣáámù: púpurú ńlá, ẹran kékeré méjì, pọ̀nmọ́. Sààrì: ìrẹsì àti ọbẹ̀ tó ṣẹ́ kù, torí oorun ń kùn wọ́n. Ẹ wò ó dáadáa. Oúnjẹ afáralókun pọ̀ níbẹ̀, epo pọ̀, àmọ́ pùrótéènì kò tó nǹkan. Pọ̀nmọ́ tẹ́ ẹ rí yẹn, ẹ má kà á mọ́ ọn. Ó ní pùrótéènì tiẹ̀, ṣùgbọ́n irú tó wà nínú awọ ni, kò ní gbogbo ohun tí iṣan nílò.

Ní Ore lóṣù kẹta, láti bí aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí títí di bí aago méje alẹ́ ku díẹ̀ la fi ń gbààwẹ̀. Ó lé ní wákàtí mẹ́tàlá. Ara ò ní ibi tó ń kó pùrótéènì pa mọ́ sí bó ṣe ń kó ọ̀rá. Bí èyí tẹ́ ẹ jẹ ní sààrì bá tán, tó sì nílò sí i, inú iṣan ló máa lọ mú un. Àfi kẹ́ ẹ fún un ní ohun tó pọ̀ tó lóru, kẹ́ ẹ sì tún jẹ́ kí iṣan mọ̀ pé ẹ ṣì ń lò ó.

Mélòó ló yẹ? Ẹ̀gbọ́n mi wọn kílò 78, wọ́n sì fẹ́ dé 70. Mo fi 70 yẹn ṣírò: gíráàmù 1.3 lórí kílò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bíi gíráàmù 91 lójúmọ́. Ẹni tó ń gbé irin gidi lè dé 1.6. A pín in sọ́nà mẹ́ta.

Ìṣínu: dàbínù mẹ́ta àti omi, ògì tí kò ní ṣúgà tá a bu ṣíbí mẹ́ta mílíìkì lẹ́bú sí, pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín ńlá kan tó ní odindi ẹyin nínú. Bíi 25 nìyẹn.

Lẹ́yìn àṣáámù: púpurú tó mọ bí ìkúùkù wọn, ẹ̀fọ́ tó pọ̀, àti ẹja títù tó tó bí àtẹ́lẹwọ́ kan ààbọ̀, bíi gíráàmù 150. Bíi 35 nìyẹn.

Sààrì: ẹyin bíbọ̀ mẹ́ta, ife ẹ̀wà sísè kan, ìrẹsì díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bíi 33 nìyẹn. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 93.

Ẹ kíyè sí ẹ̀wà sààrì yẹn. Ẹ̀wà kì í tètè dà nínú, torí náà ó máa ń bá èèyàn rìn jìnnà. Ẹni tó bá mu gàrí ní sààrì, ebi á ti mú un kí aago mẹ́wàá tó lù. Bí owó ẹyin bá wọ́n, ẹ fi sóyà rọ́pò ẹ̀: ẹ sun ún, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ bù ú sínú ògì.

Omi ń kọ́? Omi inú ọ̀rá kan jẹ́ ìlàjì lítà. Wọ́n ń mu mẹ́rin sí márùn-ún láàárín ìṣínu àti sààrì, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá dà á mu lẹ́ẹ̀kan náà ní ìdájí, ilé ìtọ̀ ló ń gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá wá kàn. Ọ̀rá ara kílò kan tó bíi kálórì 7,700. Bẹ́ ẹ bá dín kálórì 400 kù lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, 12,000 nìyẹn, ìyẹn bíi kílò kan ààbọ̀. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ìgò kékeré kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 150. Àkàrà tó mu epo tá a fi mọ́ínmọ́ín rọ́pò, àti púpurú tá a dín kù, ló kó èyí tó kù. Ẹni tó bá ní ẹ ó pàdánù kílò mẹ́wàá ọ̀rá nínú ààwẹ̀ kan, omi àti iṣan ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín.

Eré ìdárayá: ẹ má gbé nǹkan tó wúwo lọ́sàn-án o! Oòrùn oṣù kẹta ní Ore kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tí kò lè mu omi. Àyè méjì ló dáa. Ìrìn kíákíá ogún ìṣẹ́jú kí ìṣínu tó tó, torí omi ti sún mọ́lé. Ti agbára, ó di lẹ́yìn àṣáámù, nígbà tí ìṣínu ti dà díẹ̀, kẹ́ ẹ tó jẹ oúnjẹ ńlá.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe é, ààbọ̀ wákàtí péré. Wọ́n á gbá àpò gàrí kílò mẹ́wàá mọ́ àyà, wọ́n á jókòó sórí àga, wọ́n á dìde, ẹ̀ẹ̀méjìlá. Wọ́n á fi ọwọ́ ti ara kúrò lára tábìlì. Wọ́n á fi ọwọ́ kan fa àpò náà sókè láti ilẹ̀. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe ṣáájú ààwẹ̀. Nínú ààwẹ̀, a sọ ọ́ di méjì, àmọ́ a ò dín kílò mẹ́wàá náà kù. Ibẹ̀ ni àṣírí wà. Iye ìgbà lè dín kù, ẹrù náà ni kò gbọ́dọ̀ fúyẹ́, torí ẹrù ló ń sọ fún iṣan pé kó dúró.

Àbájáde rẹ̀ rèé. Lọ́jọ́ 1 oṣù kẹta: kílò 78.4. Lọ́jọ́ kẹjọ: 76.6, omi ló pọ̀ jù nínú ìyẹn. Lọ́jọ́ 29: 75.3. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ọdún: 76.7. Torí náà kílò 1.7 ló lọ ní tòótọ́, kì í ṣe mẹ́ta. Ìbàdí láti 97 bọ́ sí 94 sẹ̀ǹtímítà. Àpò gàrí ọjọ́sí? Ẹ̀ẹ̀méjìlá náà ṣì ni, kò dín kan. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ máa wò nìyẹn: bí òṣùwọ̀n bá ń wálẹ̀, tí ẹrù tẹ́ ẹ ń gbé náà sì ń dín kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, iṣan ló ń lọ.

Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò gbàgbé yín. Lọ́dún 2025 yẹn, Ọjọ́rú Eérú bọ́ sí ọjọ́ 5 oṣù kẹta, a jọ ń gba ààwẹ̀ ni. Ẹni tó ń ṣínu ní aago mẹ́fà alẹ́ láìsí sààrì, ọ̀nà méjì ni kó pín pùrótéènì ẹ̀ sí: aago mẹ́fà ààbọ̀ àti aago mẹ́wàá, kí ẹ̀wà wà nínú ti ìkẹyìn. Bó bá jẹ́ ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta gbáko, ẹ má gbé ẹrù kankan láàárín ẹ̀.

Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì tàbí lo oògùn àtọ̀gbẹ, ẹni tó lóyún, ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú, ẹni tó ní fòníkúfọ̀ladìde, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ ṣáájú. Àlùkùránì fúnra ẹ̀, Súrà kejì, ẹsẹ 184 àti 185, yọ̀ǹda fún aláìsàn. Bí ẹ̀rọ tá a fi ń wo súgà bá fi ohun tó kéré sí 70 mg/dL hàn, ẹ ṣínu lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n, òógùn tútù, ojú tó ń ṣú, ìtọ̀ tó pọ́n bíi tíì: ìkìlọ̀ ni gbogbo wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń bi mí léèrè Ààwẹ̀ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè báyìí. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ rẹ ẹ̀wà sílẹ̀ lálẹ́ Sọ́ńdè.