Owó Tí Kò Lórúkọ

Kí oṣù kẹjọ ọdún 2022 tó dé, a rò pé a lówó pàjáwìrì. Àwa ọmọ mẹ́ta la máa ń dá 120,000 náírà jọ lóṣooṣù fún ìtọ́jú màámi wa ní Òṣogbo. Bọ̀dá ń fi tiẹ̀ ránṣẹ́ láti Èkó, Àǹtí láti Ìbàdàn, àbígbẹ̀yìn wa láti Ìlọrin. Nínú ìwé ìṣúná wa, 60,000 wà fún oúnjẹ, 22,000 fún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, 18,000 fún iná àti omi. 20,000 tó kù, "oríṣiríṣi" la kọ síwájú ẹ̀.

Orúkọ yẹn ló pa wá lára. Oríṣiríṣi ni lóòótọ́, oríṣiríṣi nǹkan ló sì ń jẹ ẹ́: aṣọ ẹbí, owó àdúgbò, káàdì fóònù, ẹ̀bùn ìkómọ. Kò sóṣù tí kò tán. Lọ́jọ́ tí màámi yọ̀ ṣubú lẹ́yìn ilé, tí ilé ìwòsàn ní ká san 150,000 àsansílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn wọ́n, 11,400 ló wà nínú àpò. Áàpù tó ń yáni lówó lórí fóònù la sá lọ bá. Ẹ̀sẹ̀ màámi san kí gbèsè náà tó tán, nígbà tí owó èlé sì wọ̀ ọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ará ibi iṣẹ́ Àǹtí pé oníjìbìtì ni. Yorùbá ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. A ru tiwa débi iṣẹ́.

Ní oṣù kẹwàá, a jókòó. A pa "oríṣiríṣi" rẹ́, a kọ "pàjáwìrì" síbẹ̀, a sì gbé 20,000 náà lọ sí àpò ìfowópamọ́ mìíràn tí kò ní káàdì ATM. Òun la máa ń san ṣáájú oúnjẹ pàápàá. A dá òté sí i: tó bá ti tó ohun tí ilé ń ná fún oṣù mẹ́ta, ìyẹn 300,000, a ó dúró. Oṣù 15 ni yóò gbà wá tí nǹkan kan kò bá ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n orúkọ tuntun kì í dá owó dúró. Ohun tó dá tiwa dúró ni ìbéèrè mẹ́ta tí a kọ sábẹ́ ẹ̀. Èkíní: ṣé a lè ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ń bọ̀? Èkejì: tí a ò bá san án láàárín ọjọ́ méje, kí ni yóò bàjẹ́? Ẹ̀kẹta: ṣé ìnáwó ẹ̀ẹ̀kan ni, àbí yóò tún padà wá lóṣù tó ń bọ̀? Ẹni tó bá fẹ́ gba owó ni yóò dáhùn, lórí ìwé. Ẹni méjì nínú wa gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Ohunkóhun tó bá sì jáde, ìnáwó àríyá dúró títí àpò yóò fi padà dé ìdajì.

Bọ̀dá ló kọ́kọ́ dán an wò. Mọ̀lẹ́bí wa kan ń ṣègbéyàwó, wọ́n fẹ́ gba 40,000 fún aṣọ màámi. Ta ló fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n pé rárá? Àbígbẹ̀yìn wa kàn kọ ọ́ ránṣẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ Bọ̀dá mi, ẹ bá wa dáhùn ìbéèrè kìíní." Ó ti lé lóṣù mẹ́rin tí káàdì ìgbéyàwó ti wà nílẹ̀. Bọ̀dá rẹ́rìn-ín, wọ́n yọ ọ́ nínú àpò ara wọn. Bí kò bá sí ìwé, àbúrò ni à bá pè ní aláfojúdi. Ìwé ló sọ pé rárá, kì í ṣe ọmọ.

Òfin náà ní àléébù tiẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí owó tuntun kò kárí, tí owó pépà sì wọ́n bí ojú, màámi ṣàìsàn lóru. 80,000 wà ní báǹkì, ṣùgbọ́n awakọ̀ kankan kò fẹ́ tíránsífà, tíránsífà fúnra ẹ̀ kò sì lọ. Bọ̀dá ti sùn, àbígbẹ̀yìn wa kò sí lórí nẹ́tíwọ̀kì. Aládùúgbò ló gbé wọn dọ́wọ́ dókítà. Ìyẹn la fi yí òfin padà: tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, ẹnì kan ṣoṣo lè yọ tó ìdajì, kó ṣàlàyé kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. A sì fi 25,000 owó pépà sínú àpótí màámi, kí àwọn náà lè fọwọ́ ara wọn mú un.

Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún yẹn, lítà bẹntiróò tí kò tó 200 náírà ń sún mọ́ 500. Owó iná kò ká jẹnẹrétọ̀ mọ́. Àbígbẹ̀yìn wa ní ká máa yọ 9,000 nínú pàjáwìrì lóṣooṣù. Ó bani lójijì, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè kẹta ló dì í lọ́wọ́. Iye tuntun ni, kò ní padà sílé. Tí a bá ń fi owó pàjáwìrì bo ohun tí yóò máa wà títí, àpò yóò gbẹ, àìtó náà yóò sì wà síbẹ̀. Kálukú wa fi 3,000 kún ìdásí ẹ̀. Owó iná di 27,000, òté àpò náà sì gòkè di 327,000.

Ìjì oṣù kẹrin ọdún 2024 ṣí páànù ilé ìdáná. Èyí yege nínú gbogbo ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Káfíńtà ní ká kúkú pààrọ̀ òrùlé látòkè délẹ̀, 240,000. A san 62,000 fún páànù márùn-ún tó ṣí. Owó pàjáwìrì wà láti dá ìbàjẹ́ dúró, kì í ṣe láti tún ilé ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

Lọ́dún tó kọjá, a ka owó inú àpótí, 10,000 ló kù. Màámi ti fún aládùúgbò wa 15,000, ọmọ ẹ̀ ń gìrì. Aládùúgbò ọjọ́sí ni. Wọn ò pè wá. Ẹnì kan nínú wa ní kì í ṣe pàjáwìrì ilé wa. Màámi dáhùn pé, "Ìgbà tí wọ́n gbé mi lóru, ṣé pàjáwìrì ilé wọn ni?"

A ò rí èsì fọ̀. Ṣùgbọ́n a padà sídìí ìwé, a sì rí i pé gbogbo ìnáwó ilé ló ní ìlà tiẹ̀, àfi ọwọ́ tí màámi fi ń ṣoore. Láti oṣù tó tẹ̀ lé e, 6,000 wà fún un, "Ọwọ́ Màámi" la kọ síwájú ẹ̀, a kì í bi wọ́n ní ìbéèrè kankan lórí ẹ̀. A dá 15,000 padà sínú àpótí. A ò tíì bá a dín láti ìgbà náà.