Ọkọ̀ Tuntun Tàbí Àlòkù: Ìṣirò Ìdílé Akẹ́kọ̀ọ́ Kan

Láti ìgbà tí èmi àti ìyàwó mi ti ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni àwọn ọ̀rẹ́ ti ń bi mí léèrè ìdí tí a fi ra àlòkù, nígbà tí tuntun wà níta tí wọ́n ń fi owó oṣooṣù gbé fún ènìyàn. Dípò kí n máa dá ẹnì kọ̀ọ̀kan lóhùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo rò pé ó sàn kí n kọ ìṣirò wa sínú ìwé ìròyìn yìí, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn lè fi wo tirẹ̀.

Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin ni wá. Oyè ọ̀mọ̀wé ni mo ń kà lọ́wọ́, òfin físà kò sì jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé. Ìyàwó mi ló ń ṣiṣẹ́ alákòókò kíkún. Àwọn arúgbó ni ó ń tọ́jú nínú ilé wọn, ilé kan sì jìnnà sí èkejì. Ní agogo mẹ́wàá alẹ́, bọ́ọ̀sì kì í dé apá ibẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ afẹ́ fún wa. Láìsí ọkọ̀, idà méjì nínú mẹ́ta iṣẹ́ tí wọ́n ń fún un ni kò lè gbà.

Nílé lọ́hùn-ún, ẹni tí ó bá fẹ́ ra tòkúnbọ̀ yóò kó owó rẹ̀ jọ, yóò sì san án lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú gbogbo ènìyàn ni owó náà ti ń jáde, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ó pọ̀. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì níbí, ọ̀nà yàtọ̀. Iye tí ìwọ yóò máa san lóṣooṣù ni oníṣòwò sábà máa ń tẹnu mọ́, kì í ṣe iye ọkọ̀. Ẹ̀tàn ojú sì wà níbẹ̀, nítorí owó oṣooṣù kò lè sọ fún ọ iye ọdún tí ọrùn rẹ yóò fi wà nínú àjàgà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àpẹẹrẹ ohun tí wọ́n fi lọ̀ wá. Iye ọkọ̀ tuntun náà jẹ́ pọ́n-ùn 19,000. A óò san pọ́n-ùn 2,000 sílẹ̀, a óò wá máa san pọ́n-ùn 265 lóṣooṣù fún oṣù 48. Bí oṣù 48 bá pé, ọkọ̀ kò tíì di tiwa. A ní láti san owó ìkẹyìn kan tí ó jẹ́ pọ́n-ùn 7,500, tàbí kí a dá ọkọ̀ padà. Ètò yìí ni wọ́n ń pè ní PCP. Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, pọ́n-ùn 22,220 ni. Títí a ó fi san án tán, ọkọ̀ ayánilówó ni, kì í ṣe tiwa. A kò gbọdọ̀ tà á, a kò sì gbọdọ̀ fi ránṣẹ́ sílé.

Nígbà tí mo bi oníṣòwò náà ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá fẹ́ jáwọ́, ó ní kò sí wàhálà, òfin gbà wá láyè láti dá ọkọ̀ padà. Òótọ́ ni. Òfin àwìn ti ọdún 1974 sọ pé ẹni tí ó bá ti san ìdajì gbogbo owó náà lè dá ọkọ̀ padà, kí ó má sì jẹ gbèsè mọ́, bí ọkọ̀ náà kò bá bàjẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Ohun tí kò sọ fún wa ni pé owó ìkẹyìn náà wà nínú gbogbo owó tí a ó pín sí méjì. Ìdajì 22,220 jẹ́ 11,110. Ẹ fi 2,000 tí a san sílẹ̀ kún 265 oṣooṣù, ẹ óò rí i pé oṣù 35 ni a ó tó kọjá ìdajì. Kì í ṣe oṣù 24 bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Ẹni tí ó bá fẹ́ jáde ṣáájú ìgbà náà ní láti san èyí tí ó kù kí ìdajì tó pé, tàbí kí ó san gbogbo gbèsè náà pátá. Ní ọdún kìíní àti èkejì, gbèsè yìí sábà máa ń ju iye tí ẹnikẹ́ni yóò ra ọkọ̀ náà lọ, nítorí ìgbà tí ọkọ̀ ṣì jẹ́ tuntun ni iye rẹ̀ ń já wálẹ̀ jù.

Ọdún mẹ́ta ni ó kù lórí físà mi nígbà náà. Ọdún mẹ́rin ni àdéhùn ọkọ̀. Bí a bá san oṣù 35, tí a sì dá ọkọ̀ padà, pọ́n-ùn 11,275 ni yóò ti jáde lọ́wọ́ wa, ẹsẹ̀ wa ni a ó sì fi rìn lọ sílé. Kì í ṣe gbogbo ayánilówó ni yóò tilẹ̀ yá ẹni tí físà rẹ̀ kúrú lówó, ṣùgbọ́n pé a rí ẹni tí yóò yá wa kò sọ gbèsè náà di ohun tí ó bá wa mu.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo àlòkù. Ọkọ̀ Tòyótà Yáàrísì ọlọ́dún méje ni a rà ní pọ́n-ùn 4,800. Mo ṣírò rẹ̀ pé bí a bá lò ó fún ọdún mẹ́ta, a lè tà á ní nǹkan bí 2,500, nítorí ọkọ̀ tí ó ti dàgbà kì í yára já wálẹ̀ mọ́. Ìyẹn túmọ̀ sí pé 2,300 ni yóò ti gbé mì. Mo fi pọ́n-ùn 500 sí i lọ́dọọdún fún àtúnṣe, tí ó jẹ́ 1,500. Àyẹ̀wò MOT ọdọọdún kò gbọdọ̀ ju pọ́n-ùn 54.85 lọ, ẹ ka ti ọdún mẹ́ta sí 165. Gbogbo rẹ̀ kò tó 4,000. Epo, owó orí ọkọ̀ àti ìnṣọ́ránsì wà lórí méjèèjì, n kò kà wọ́n. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì ju pọ́n-ùn 7,000 lọ.

Ìyá Dúpẹ́ gbọ́ ìṣirò náà tán, ó ní, “Bàbá Dúpẹ́, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ yìí bá dákú lóru, tí èmi nìkan wà lójú ọ̀nà ńkọ́?” Ìbéèrè gidi nìyí, òun sì ni ó mú kí a fi ohun kan kún ètò wa. A ya pọ́n-ùn 1,000 sọ́tọ̀ kí a tó ra ọkọ̀ rárá, a sì san owó fún àwọn tí ń wá gbé ọkọ̀ tí ó bá dákú. Pọ́n-ùn 1,000 yìí jẹ́ ara owó ọkọ̀. Ẹni tí ó ní 4,800 géérégé kò tíì ní owó ọkọ̀ 4,800, ti 3,800 ni ó ní. A sì jọ fi àdéhùn sí i pé bí mẹkáníìkì bá béèrè ohun tí ó ju ìdajì iye ọkọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a óò tà á bí ó ti wà. Báyìí, a mọ ibi tí àdánù wa yóò dúró sí.

Ọkọ̀ méjì ni a wò kí a tó rà, àyẹ̀wò tí kò gba kọ́bọ̀ ni ó sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọkọ̀ tí ó bá ti pé ọdún mẹ́ta ní ìlú yìí ní láti lọ fún MOT lọ́dọọdún, ìjọba sì ń tọ́jú àbájáde rẹ̀ sórí GOV.UK. Nọ́ńbà ọkọ̀ nìkan ni ẹ ó tẹ̀. Ọkọ̀ kìíní pupa, ó ń dán, owó rẹ̀ sì fi 600 kéré sí ti èkejì. Nígbà tí a tẹ nọ́ńbà rẹ̀, a rí i pé ní ọdún 2021 ó ti rin máìlì 81,000, ṣùgbọ́n ní ọdún 2023 ó di 62,000. Ọkọ̀ kì í rìn padà sẹ́yìn, ènìyàn ló fọwọ́ kan aago rẹ̀. Kò tán síbẹ̀. Fún ọdún mẹ́ta léraléra ni àwọn olùyẹ̀wò ń kìlọ̀ pé páìpù bíréèkì rẹ̀ ń dípẹtà, kò sì sí ẹni tí ó tún un ṣe. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà òtútù ni ó ń jẹ irin abẹ́ ọkọ̀ báyìí.

Àkọsílẹ̀ ọkọ̀ kejì kò mọ́ pátápátá, kò sì yẹ kí ó mọ́. Ó ti kùnà lẹ́ẹ̀kan nítorí táyà, ó sì yege lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Èyí fi hàn pé olówó rẹ̀ ń tún nǹkan ṣe. Máìlì rẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ọdún dé ọdún. Ohun tí ẹ ó máa wá nìyí: kì í ṣe ọkọ̀ tí kò ní àléébù rí, bí kò ṣe èyí tí wọ́n ń tọ́jú àléébù rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó tó lọ wo ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tí ń tà á pé kí ó má ṣe tan ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó dé, nítorí ẹ́ńjìnnì tí ó ti gbóná máa ń bo àṣírí. Bí èéfín rẹ̀ bá ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ni ó ń jó. Ẹ wo táyà: bí ẹ̀gbẹ́ kan bá jẹ ju èkejì lọ, ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò gún régé. Ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ béèrè iye ìnṣọ́ránsì kí ẹ tó san owó, nítorí fún ẹni tí láísẹ́nsì ìwakọ̀ rẹ̀ níbí ṣì jẹ́ tuntun, ìnṣọ́ránsì ọdún kan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì iye àlòkù. Ẹ sì san owó díẹ̀ fún àyẹ̀wò tí yóò sọ bóyá gbèsè wà lórí ọkọ̀ náà.

Ọ̀dọ̀ oníṣòwò ni a ti rà á, bí ó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀ ju ti aládàáni lọ. Òfin oníbàárà ti ọdún 2015 fún ẹni tí ó rà lọ́dọ̀ oníṣòwò ní ọjọ́ 30 láti dá ọkọ̀ tí ó ní àléébù padà, kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Lọ́dọ̀ aládàáni, bí kò bá ti purọ́ nípa ọkọ̀ náà, tí ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti tà á, ó ṣòro láti rí nǹkan gbà.

Ó ti di oṣù 16 tí a ti ń lò ó. Bátìrì gba pọ́n-ùn 130, bíréèkì iwájú gba 210. Wọ́n jáde láti inú 1,000 tí a yà sọ́tọ̀, a sì ń dá a padà díẹ̀díẹ̀.

Èmi kò sọ pé tuntun kò dára. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀, tí yóò pẹ́ ní ìlú yìí, tí ó sì ń wakọ̀ lọ sọ́nà jíjìn lójoojúmọ́, lè rí i pé àtìlẹ́yìn ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ tó owó tí ó ń san. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí ẹni kan bá ní 2,000 lọ́wọ́, tí ó sì dá a lójú pé òun lè san 265 lóṣooṣù, kí ó kọ́kọ́ fi 265 náà pamọ́ fún oṣù 15. Bí ó bá lè ṣe é, ó ti ní 5,975, owó àlòkù àti owó ìpamọ́ rẹ̀ ti pé. Bí kò bá lè ṣe é, ó ti mọ̀ kí ó tó fọwọ́ sí ìwé.