Oúnjẹ Ọmọ Tí Kò Ní Fíríìjì

Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti fẹ́ wọlé, àwa òbí á kó ara wa sọ́jà. Ìdajì àpò ìrẹsì, páálí Ìndómì kan, gààrí, ẹ̀wà, òróró. A ó wá se ọbẹ̀ ẹlẹ́ran ńlá kan, a ó gbé e sí fírísà kó dì gbagidi, kí ọmọ fi kúlà gbé e lọ. Kò sóhun tó burú níbẹ̀ bí ọmọ bá ń lọ síbi tí fíríìjì wà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó gba yàrá kan ní Asherifa tàbí Damico ní Ilé-Ifẹ̀, tó jẹ́ òun nìkan ló ń gbébẹ̀, tí kò ní ju sítóòfù gáàsì kékeré àti kọ́bọ́ọ̀dù kan lọ, ọbẹ̀ dídì yẹn á ti máa yọ́ lójú ọ̀nà. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti ń hó lójú bí ẹni pé iná wà lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi sọ kò pọ̀. Oúnjẹ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa kó lọ, gbígbẹ ni kó jẹ́, kó má sì pàdé omi títí di ọjọ́ tí yóò jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kí a dì í ní kékeré-kékeré, kó jẹ́ pé ìwọ̀nba tó fẹ́ sè ni yóò máa ṣí. Ẹ̀wà àti ata ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, torí ibẹ̀ ni owó wa ti ń ṣòfò jù.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀wà ná. Ọ̀pọ̀ wa rò pé inú yàrá ọmọ ni kòkòrò ti wọ ẹ̀wà. Rárá o, àtoko àtọjà ló ti bá a wá. Bí ẹ bá bu ẹ̀wà olóyin sí àtẹ́lẹwọ́ ní Bódìjà, tí ẹ wò ó dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀, ẹ lè rí àwọn àmì funfun tíntìntín tó lẹ̀ mọ́ èèpo rẹ̀, tí atẹ́gùn kò lè fẹ́ dànù. Ẹyin kòkòrò nìyẹn. Ìdin tó bá inú ẹyin náà jáde kì í rìn káàkiri, ṣe ló máa lu èèpo wọlé, á máa jẹ inú ẹ̀wà náà lọ. Nínú ooru tiwa yìí, bí oṣù kan bá fi máa pé, ó ti di kòkòrò tó níyẹ̀ẹ́, á yọ jáde láti ihò róbótó kan, á sì yé tirẹ̀ sórí ẹ̀wà mìíràn. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà tó mọ́ lóló lọ́jọ́ tí a rà á fi ń di ìyẹ̀fun kí sáà tó dé ìdajì.

Èmi máa ń ṣa ẹ̀wà náà, mi ò kì í fọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú ganrínganrín, mo máa ń tẹ́ ọ̀rá dúdú sórí sìmẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé, mo máa ń fọ́n ẹ̀wà sórí rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo sì máa ń fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó, kí n tó fi òkúta tẹ etí rẹ̀ yíká. Láàárín wákàtí méjì sí mẹ́ta ní ọ̀sán gangan, ooru abẹ́ ọ̀rá yẹn á ti kọjá ohun tí ẹyin àti ìdin lè fara dà. Yíyá oòrùn lásán lórí ẹní kò tó, torí kòkòrò á kàn sá sábẹ́ ni. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò, tí iná mànàmáná sì ń dúró níwọ̀nba ládùúgbò yín, fírísà ilé lè ṣe iṣẹ́ náà, bí ẹ̀wà bá lo bí ọjọ́ mẹ́rin nínú rẹ̀ láìyọ́. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ jẹ́ kó padà bọ̀ sípò, kó má gbóná, kó má tutù, kí ara rẹ̀ sì gbẹ, kí ẹ tó dì í. Ẹ̀wà tí a bá dì pẹ̀lú ooru lára á làágùn sínú ike, òógùn yẹn ló sì ń mú un hu.

Ìgò omi oníke ni mo ń dì í sí, kì í ṣe àpò. Mo máa ń fọ ìgò náà, mo máa ń dojú rẹ̀ dé sínú oòrùn títí inú rẹ̀ á fi gbẹ táútáú. Ìgò kékeré tó ń gba omi bí 75 sẹ́ńtílítà máa ń gba bí agolo mílíìkì mẹ́rin ẹ̀wà, ó sì máa ń lé díẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo tó ń se agolo kan lẹ́ẹ̀kan á sè é nígbà mẹ́rin. Ẹ kún un dé ọrùn, ẹ gbọn ìgò náà kí ẹ̀wà wọ̀ sílẹ̀, ẹ tún bù sí i, kí ẹ wá dé e pinpin. Afẹ́fẹ́ tó kù nínú rẹ̀ kéré. Kòkòrò yòówù tó bá yè bọ́ nínú oòrùn á mí èyí tó wà níbẹ̀ tán, kò ní lè bí sí i mọ́. Ọgbọ́n kan náà ló wà nídìí àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS, tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Purdue bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lé lórí ní Kamẹrúùnù ní nǹkan bí ọdún 1987, tí àwọn àgbẹ̀ ẹlẹ́wà sì ń lò káàkiri ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà báyìí. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé àpò yẹn tóbi ju ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kan nílò lọ, bó bá sì ti ṣí i lẹ́ẹ̀kan, afẹ́fẹ́ ti wọlé bá gbogbo rẹ̀.

Àwọn kan máa ń ju ata gbígbẹ sínú ẹ̀wà. Kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, àmọ́ èmi ò gbẹ́kẹ̀ lé e. Èyí tó léwu ni ọ̀tápíápíá àti àwọn oògùn kòkòrò olómi bẹ́ẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún ọmọ pé kó má ra ẹ̀wà tó bá ń rùn bẹ́ẹ̀, kó má sì dà á sí tirẹ̀ láé, torí májèlé ni, fífọ̀ àti sísè kì í sì mú un kúrò tán. Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de ìgò kéékèèké díkílọ́fọ́ọ̀sì, ìyẹn 100 mílílítà sísàlẹ̀, síbẹ̀ ọ̀ràn oògùn lórí ẹ̀wà kò tíì tán lọ́jà.

Gààrí kò lọ́jọ́ gígùn bẹ́ẹ̀. Gààrí Ìjẹ̀bú tó yan dáadáa, tó ń ró ṣàkàṣàkà bí a bá bù ú, ni kí ẹ rà. Ẹ tẹ́ ẹ kó tutù, ẹ dì í sí ike abìdérí, kí ọmọ sì máa fi ṣíbí gbígbẹ bù ú. Ṣíbí tutù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló ń mú un dì pọ̀.

Ó wá ku ata, ibẹ̀ sì ni mo ti máa ń bá àwọn ìyá jiyàn jù. Gbogbo wa la fẹ́ràn kí ọmọ gbé ata díndín lọ. Mo fọwọ́ sí i, bó bá jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí kò tíì rójú sè. Tàtàṣé ni kó pọ̀ níbẹ̀, kí tòmátì wà ṣùgbọ́n kó má pọ̀, nítorí omi ló pọ̀ jù lára tòmátì. Ẹ kọ́kọ́ gbé ata lílọ̀ kaná láìsí òróró títí omi rẹ̀ á fi fà tán, kí ẹ wá fi òróró tó pọ̀ dín in lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Etí ni ẹ fi máa mọ̀ bó bá jinná. Níbẹ̀rẹ̀, ṣe ló ń ta pọ́pọ́, tó ń fọ́n sí ògiri. Bí omi bá ti ń tán, ariwo náà á rọlẹ̀ di ṣìì tín-ín-rín. Bí ẹ bá fi ṣíbí fa ìsàlẹ̀ ìkòkò, ojú ọ̀nà ṣíbí náà á dúró, òróró nìkan ni yóò sun wọ ibẹ̀. Ẹ má da omi ẹran sí i, ẹ má sì kó ẹran sí i. Gbogbo wàhálà tí ẹ ṣe láti lé omi jáde, omi ẹran á dá a padà.

Ẹ rọ ọ́ ní gbígbóná sínú ìgò kékeré tí ẹ ti bọ̀, tó sì ti gbẹ, kí òróró bo ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òróró tó bò ó kì í ṣe fíríìjì. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tó jẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí gan-an ni wọ́n fẹ́. Nítorí náà, kò gbọdọ̀ ju bí ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, kí ọmọ sì da ìgò kan sínú ìkòkò, kó hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó tó jẹ ẹ́. Ìgò tí ìdérí rẹ̀ bá wú, tàbí tó bá ń yọ ìfóófòó, kó dà á nù láìtọ́ ọ wò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn, ata gbígbẹ ni. Tàtàṣé àti tòmátì gbígbẹ tó ń wá láti òkè ọya pọ̀ lọ́jà. Ẹ ṣà á, ẹ nù ún mọ́, ẹ tún yá a lóòrùn kó lè fọ́ bíi gúgúrú, ẹ lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ, kí ẹ dì í sí ìgò bí ẹ ti ṣe ẹ̀wà. Ṣíbí méjì rẹ̀ tí a rẹ sómi gbígbóná, àlùbọ́sà kan, òróró díẹ̀, tòmátì aláàpò kékeré kan àti edé, ọbẹ̀ ẹnì kan ti délẹ̀, kò sì ní sẹ́kù. Ẹja àrọ̀ gbígbẹ ni kí ẹ fi ṣe ẹran rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kàkà bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ni kí ẹ rà, torí èyí tó bá rọ̀ láàárín ṣì ní omi nínú.

Àìṣẹ́kù yìí ṣe pàtàkì jù lọ nídìí ìrẹsì. Ọmọ máa ń rò pé ìrẹsì àná kò ní láburú bó bá ti gbé e kaná padà. Kòkòrò àìfojúrí kan wà lára ìrẹsì tí sísè kì í pa. Bí ìrẹsì jíjinná bá sùn sínú ìkòkò nínú yàrá gbígbóná, á yọ oró síbẹ̀, iná kejì kì í sì í ba oró yẹn jẹ́. Èébì àti inú rírun ló ń tẹ̀ lé e, nígbà míràn kí wákàtí díẹ̀ tó kọjá, ó sì lè má rùn, ó lè má kan rárá. Agolo kan lẹ́ẹ̀kan, kó jẹ ẹ́ tán. Bó bá ṣẹ́ kù, kó fún ọ̀rẹ́.

Ní ti ibi ìkósí, sìmẹ́ńtì ilẹ̀ máa ń fa ọ̀rinrin sínú àpò ìrẹsì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì hu kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Pákó méjì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì abìdérí ti tó, eku náà ò ní rọ́nà.

Mi ò kì í ra gbogbo rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan. Mo máa ń yọ owó díẹ̀ sílẹ̀ fún àlùbọ́sà, ẹ̀fọ́ àti ẹyin, tí ọmọ mi máa ń rà fúnra rẹ̀ lọ́jà Ifẹ̀, ẹyin mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe kéréètì. Kó má fọ̀ wọ́n kó tó di pé ó fẹ́ sè wọ́n, èyí tó bá sì léfòó nínú omi, kó jù ú nù. Nígbà tí mo bá pè é lọ́jọ́ Sátidé, iye ìgò ẹ̀wà àti ìgò ata tí kò tíì ṣí ni mo máa ń béèrè. Ibẹ̀ ni mo ti ń mọ̀ bóyá ó ń sè, àti ìgbà tó yẹ kí n fi òmíràn ránṣẹ́ nípasẹ̀ awakọ̀ tó ń lọ sí Ifẹ̀.